Àmì Kì Í Ṣe Ọ̀ṣọ́

Ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun. Ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo síláìdì tí àwọn ọmọ wa ń gbé wá síwájú kíláàsì lóde òní, ẹ ó rí i pé ohun tí kò jọra rárá ni wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ká ní àìsàn ibà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀fọn kan wà lókè tó wọ awò dúdú, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń lọ síbi àríyá. Fọ́tò nẹ́ẹ̀tì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àlà funfun onígun mẹ́rin ṣì yí i ká lórí síláìdì aláwọ̀ ewé. Nísàlẹ̀, ìgò oògùn pupa kan ń dán yinrin, ó tóbi tó ẹ̀fọn náà lọ́nà mẹ́ta. Àmì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ eérú yà, wá fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀. Ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ṣa àwòrán mẹ́rin náà jọ. Kíláàsì pàtẹ́wọ́, olùkọ́ sì fún wọn ní máàkì nítorí ẹwà.

Máàkì yẹn ni mo dìde ta kò. Èmi gbà pé ọmọ tó bá fẹ́ fi àmì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ lo àmì tí ọwọ́ kan yà láti síláìdì àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé kí síláìdì lè fani mọ́ra. Ìdí rẹ̀ ni pé àdàlù àwòrán máa ń sọ ohun tí ọmọ náà kò ní lọ́kàn, ẹni tó ń wò ó a sì gbà á gbọ́.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Àwọn baba ńlá wa ń pàrokò kí ìwé tó dé. Bí wọ́n bá so owó ẹyọ méjì pọ̀ tí ojú wọn kọ síra, ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ ni, pé a fẹ́ fojú kan ara wa. Bí wọ́n bá so wọ́n kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé nìyẹn. Owó ẹyọ kan náà ni, okùn kan náà ni. Ibi tí ojú wọn kọ sí nìkan ló yàtọ̀, ìtumọ̀ sì yí padà pátápátá. Nítorí pé gbogbo ohun yòókù dúró bákan náà ni ìyàtọ̀ kan ṣoṣo yẹn fi lè sọ̀rọ̀. Ká wá ní ẹni tó di àrokò náà mú owó ẹyọ kan, ó sì fi ìkarahun ìgbín rọ́pò èkejì nítorí pé ìkarahun náà ń dán. Ẹni tí a rán an sí yóò jókòó, yóò máa bi ara rẹ̀ pé, kí ni ìgbín ń wá níbí? Ṣé wọ́n ní kí n má kánjú ni, tàbí wọ́n ní ojo ni mí? Ọ̀rọ̀ tí kò sí lẹ́nu ẹni tó rán iṣẹ́ ni yóò máa wá kiri.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ojú ẹni tó ń wo síláìdì ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí àmì mẹ́rin bá wà níwájú rẹ̀ tí mẹ́ta jẹ́ aláwọ̀ búlúù tí ọ̀kan jẹ́ pupa, yóò gbà pé ewu wà lára pupa náà. Bí ọ̀kan bá tóbi ju ìyókù lọ, yóò gbà pé òun ló ṣe pàtàkì jù, tàbí pé òun ló pọ̀ jù. Bí ọ̀kan bá jẹ́ fọ́tò tí ìyókù jẹ́ àwòrán, yóò gbà pé ohun gidi ni ti fọ́tò, pé àpẹẹrẹ lásán ni ìyókù. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní èyí. Ojú ló ń ṣe é fúnra rẹ̀ kí etí tó gbọ́ ohun tí ọmọ tó dúró níwájú ń wí. Ẹ padà wo síláìdì ibà tí mo sọ lókè. Kí ló sọ fún ìyá tó jókòó sẹ́yìn? Ó ní oògùn ni olórí ọ̀rọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ̀fọn sì jẹ́ ohun ẹ̀rín. Ohun tí àwọn ọmọ náà fẹnu sọ ni pé kí a ṣàyẹ̀wò kí a tó lo oògùn. Àwòrán wọn ta ko ẹnu wọn, àwòrán ni ìyá náà yóò sì rántí délé.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi ọgbọ́n yìí ṣe iṣẹ́ ńlá ní Yúróòpù ni Otto Neurath àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní ìlú Fìẹ́nà. Ọdún 1925 ni wọ́n ṣí ilé àfihàn kan síbẹ̀ láti fi àwòrán la gbogbo ará ìlú lọ́yẹ̀ nípa ilé, ìlera àti iṣẹ́. Gerd Arntz ni ayàwòrán wọn, òun ló sì gbẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì fún wọn, gbogbo wọn bí ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀nà náà ni wọ́n wá ń pè ní Áísótáìpù. Neurath ní òfin kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lójú: bí nǹkan bá pọ̀ sí i, fi kún iye àmì náà, má ṣe sọ àmì náà di ńlá. Bí àmì ènìyàn kan bá dúró fún ẹgbẹ̀rún kan, ènìyàn mẹ́ta ni kí o tò fún ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kì í ṣe òmìrán kan. Ènìyàn lè ka mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó lè fojú díwọ̀n òmìrán.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ. Lẹ́yìn tí Neurath kú ní ọdún 1945, ìyàwó rẹ̀, Marie Neurath, ló ń bá iṣẹ́ náà lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gbé iṣẹ́ fún un, ó sì wá sí Ìbàdàn. Àwọn ìwé pẹlẹbẹ tó jáde nínú iṣẹ́ yẹn ṣàlàyé ètò ẹ̀kọ́, ìlera, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìdìbò fún àwọn ará ìlú. Àsìkò yẹn náà ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ọ̀pọ̀ àwọn òbí tí ìjọba ń bá sọ̀rọ̀ nígbà náà ni kò mọ ìwé kà. Bí àmì inú ìwé náà bá ṣe jákujàku, ọ̀rọ̀ ìjọba ni yóò bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n kò fi ṣa àwòrán kiri. Ọwọ́ kan ló yà á, ó sì yà á kó lè bá aṣọ àti ilé tibí mu.

Ẹ jẹ́ ká mú síláìdì ibà wa, ká tún un ṣe lọ́nà tó tọ́. Ìgbésẹ̀ kìíní kò sí lórí kọ̀ǹpútà rárá. Ẹ mú bébà, kí ẹ kọ ohun tó nílò àmì sílẹ̀. Tiwa jẹ́ méje: ẹ̀fọn, omi tó dúró sójú kan, nẹ́ẹ̀tì, ara gbígbóná, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, oògùn, ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbàgbé ìgbésẹ̀ yìí. Wọ́n á rí àmì kan tó wù wọ́n, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á wá rìn dé àmì karùn-ún kí wọ́n tó rí i pé àkójọ tí wọ́n ti mú ti àkọ́kọ́ kò ní ti karùn-ún. Ibẹ̀ ni àdàlù ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wá sá lọ síbòmíràn lọ wá ti karùn-ún.

Ìgbésẹ̀ kejì ni kí a wá àkójọ kan ṣoṣo tó ní gbogbo méjèèje. Àkójọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Font Awesome, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Oríṣi ọwọ́ méjì ló wúlò fún wa láti mọ̀ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Solid ni àmì tí wọ́n kùn nínú, bí òjìji. Èyí tí wọ́n ń pè ní Regular ni àmì onílà, tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ wá a wò: `mosquito` wà, `mosquito-net` wà, `temperature-high` wà fún ara gbígbóná, `vial` wà fún ìgò àyẹ̀wò, `tablets` àti `hospital` náà wà. Ṣùgbọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, Solid nìkan lẹ ó ti rí ẹ̀fọn àti nẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tó bá ti kọ́kọ́ fẹ́ràn àmì onílà kò ní rí wọn, yóò sì di dandan kó ṣe àdàlù. Ọmọ tó kọ orúkọ sílẹ̀ kó tó wá àmì yóò ti mọ̀ pé Solid ni tòun.

Ó ku omi tó dúró sójú kan. Àmì `water` wà níbẹ̀, àmọ́ ìgbì omi ló fi hàn, bí ẹni pé òkun ni. Ẹ̀fọn kì í yé ẹyin sínú ìgbì òkun. Níhìn-ín ni kí ọmọ ti ronú. Àmì `bucket`, tí í ṣe korobá, wà nínú àkójọ kan náà. Korobá tí a kò bò ní ẹ̀yìnkùlé sì wà lára ibi tí omi ti ń dúró nílé wa. Ẹ mú korobá, kí ẹ kọ “omi tó dúró” sí abẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí korobá rárá, ọ̀rọ̀ nìkan sàn ju kí a lọ yá àmì àjèjì kan wá.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni bí a ṣe ń gbé wọn sórí síláìdì. Ẹ gba fáìlì SVG ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ lo Insert àti Pictures nínú PowerPoint láti mú un wọlé. Bí PowerPoint yín bá ti gbó tó bẹ́ẹ̀ tí kò gba SVG, ẹ ṣí fáìlì náà nínú Inkscape, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹ kùn ún ní àwọ̀ tí ẹ fẹ́ níbẹ̀, kí ẹ sì gbé e jáde bí PNG. Lábẹ́ Graphics Format, tàbí Picture Format bí ó bá jẹ́ PNG, ẹ kọ gíga kan náà fún gbogbo wọn, ká ní sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ìbú wọn lè má dọ́gba, nítorí pé àmì kan lè gbòòrò ju òmíràn lọ. Ẹ má fà á kó lè dọ́gba, nítorí yóò fẹ̀ jàgbàlà. Lẹ́yìn náà, bí ó bá jẹ́ SVG, ẹ lo Graphics Fill láti kun gbogbo wọn ní àwọ̀ kan ṣoṣo, bíi búlúù tó ṣú. Pupa yóò wà ní ìpamọ́ fún ohun kan péré nínú gbogbo síláìdì náà, ìyẹn ibi tí ẹ ti ń sọ pé kí wọ́n sáré gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí pupa bá yọjú níbẹ̀, kò ní sẹ́ni tí kò ní rí i, torí pé kò tíì yọjú níbòmíràn.

Síláìdì oògùn wá ni ibi tí òfin Neurath ti wúlò jù. Ká ní oògùn náà jẹ́ irú èyí tí dókítà ń ní kí a lò lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ to àmì `sun`, ìyẹn oòrùn, mẹ́ta sí ìlà kan. Oòrùn kan fún ọjọ́ kan. Lábẹ́ oòrùn kọ̀ọ̀kan, ẹ fi àmì oògùn méjì sí i. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àmì kan dúró fún ìlò kan, kì í ṣe fún hóró oògùn kan. Ìyá tí kò ka ìwé lè fi ìka ka mẹ́fà, yóò sì mọ̀ pé bí ara bá tilẹ̀ ti fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, méjì ṣì kù. Ẹ wá rò ó wò ká ní kílíìpù áàtì ni ọmọ náà lò: hóró funfun lọ́jọ́ kìíní, ìgò pupa ńlá lọ́jọ́ kejì, ṣíbí omi oògùn lọ́jọ́ kẹta, torí pé kò fẹ́ kí ó súni. Ìyá náà yóò rò pé oògùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, pé ti ọjọ́ kejì ló le jù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni a ń fi ṣeré yẹn.

Ọ̀fìn kan ṣì wà tí àwọn tó mọ̀ pé ó yẹ kí ọwọ́ jẹ́ ọ̀kan pàápàá máa ń jìn sí. Wọ́n á mú àmì onílà láti inú àkójọ kan ṣoṣo, wọ́n á wá sọ ọ̀kan di ńlá kí wọ́n sọ èkejì di kékeré. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń rí. Ká ní inú àpótí oníwọ̀n 24 ni wọ́n ti ya àmì náà, tí ìlà rẹ̀ nípọn tó 2. Bí ẹ bá fà á dé 48, ìlà náà di 4. Bí ẹ bá fa ẹnìkejì rẹ̀ dé 96, tirẹ̀ di 8. Àkójọ kan náà ni wọ́n ti wá, síbẹ̀ ọ̀kan dà bí ẹni pé gègé ni wọ́n fi yà á, èkejì bí ẹni pé búrọ́ọ̀ṣì ni. Ìtóbi kan fún iṣẹ́ kan ni òfin: àwọn àmì tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà gbọ́dọ̀ ga bákan náà ní gbogbo síláìdì. Èyí tún wà lára ohun tó mú mi fara mọ́ àmì tí a kùn nínú fún kíláàsì wa. Ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò ní aṣọ, tí oòrùn ń ràn sí ògiri tí purojẹ́kítọ̀ ń tàn sí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ a máa pòórá. Bí a bá sì fi ẹ̀rọ fótókópì tẹ síláìdì náà fún àwọn òbí, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ náà a já sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n òjìji dúdú a dúró.

Báwo ni olùkọ́ ṣe lè mọ̀ kíákíá bóyá ọmọ ṣe é dáadáa? Kí ó lọ sí View, kí ó tẹ Slide Sorter, kí gbogbo síláìdì hàn ní kékeré lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó dín ojú, kí ó sì wo ibi tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ sáré lọ. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ibi tí ọmọ náà fẹ́ kí a wò, iṣẹ́ ti yọrí. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀fọn tó wọ awò ni, kí olùkọ́ dá a padà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọ́n á ní ọmọdé fẹ́ràn àwọ̀ àti ẹ̀rín, pé àmì aláwọ̀ kan á mú oorun kùn wọ́n. Ohun tó ń mú oorun kun ọmọ ni síláìdì tí kò sọ nǹkan kan tó yé e. Ọmọ tó rí oòrùn mẹ́ta àti ìlò mẹ́fà yóò kà á, kíkà yẹn gan-an ni kò ní jẹ́ kó sùn. Àwọn mìíràn á ní mo ń pa ẹ̀bùn àwọn ọmọ. Mo bi wọ́n pé, ẹ̀bùn wo ló wà nínú kí a ṣa àwòrán ẹlòmíràn jọ? Ọmọ tó bá ní ẹ̀bùn, ẹ jẹ́ kó ya tirẹ̀. Kó mú bébà onígun kéékèèké, kó mú máàkà kan ṣoṣo, kó ya méjèèje nínú àpótí kan náà pẹ̀lú ìnípọn ìlà kan náà. Òun ló máa kọ́kọ́ mọ bó ṣe le tó kí nẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀fọn tó lè jọ ọmọ ìyá. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà náà lè ṣe èyí lórí páálí.

Mi ò sọ pé ọwọ́ kan lè wo gbogbo àìsàn síláìdì o. Bí àmì bá ṣì ìtumọ̀, kì í tọ́ nítorí pé ó jọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ibi kan sì wà tí àmì kò lè dé. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ dá ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù, bó ṣe ń gbé ìdí sókè nígbà tó bá bà sára ògiri lẹ ní láti fi hàn. Àmì kékeré kò lè ṣe èyí. Fọ́tò tó mọ́ tàbí àwòrán tí a fara balẹ̀ yà ni kí ẹ lò, kí ẹ fún un ní síláìdì tirẹ̀, kí ó má ṣe jókòó sáàárín àwọn àmì. Iṣẹ́ fọ́tò ni láti jẹ́ ká dá nǹkan mọ̀. Iṣẹ́ àmì ni láti jẹ́ ká rántí ọ̀rọ̀ kí a sì lè fi wé òmíràn.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ yọ “ẹwà àwòrán” kúrò nínú ìwé máàkì yín. Ẹ fi ìbéèrè kan rọ́pò rẹ̀: ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín àwọn àmì wọ̀nyí, kí sì ni ìyàtọ̀ náà ń sọ? Ọmọ tó bá lè dáhùn fún ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un ní máàkì rẹ̀ pé. Ẹ̀yin òbí tó ń sanwó fún ẹni tó ń tẹ̀wé ní ìdí títì pé kó bá ọmọ yín ṣe síláìdì kó lè “gbayì”, ẹ ní kó yọ ohun tó ń dán kúrò, kó sì jẹ́ kí ọmọ yan àkójọ kan fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó tẹ Insert, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ lórí bébà ná. Ẹni tó di àrokò máa ń mọ ohun tó fẹ́ wí kó tó mú owó ẹyọ.